Ìlà Pupa àti Ìlà Aláwọ̀ Ewé: Ohun tí Ọ̀gá Yín Ń Rí nínú Ṣáàtì, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Un Yà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣooṣù ni mo máa ń fi Excel ya ṣáàtì abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ilé ìwòsàn wa. Ìlà pupa ni iye àwọn ọmọ tó gba Pẹ́ńtà àkọ́kọ́, ìlà aláwọ̀ ewé ni ti Pẹ́ńtà ẹ̀kẹta. Ọ̀gá mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé àwọn kò mọ èwo ni èwo, pé bákan náà ni méjèèjì rí lójú àwọn. Mo mú kí àwọ̀ méjèèjì ki sí i, wọ́n ní kò sí ìyàtọ̀. Kí ni wọ́n ń rí gan-an, báwo ni mo sì ṣe máa yà á tí wọn yóò fi lè kà á?"

Ìdáhùn:

Bí ẹ ṣe mú kí àwọ̀ méjèèjì ki sí i kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kó ti mú kí ọ̀rọ̀ náà burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, n ó sì fi ìṣirò rẹ̀ hàn yín níwájú. Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́kàn, èyíinì ni pé dúdú àti funfun nìkan ni ọ̀gá yín ń rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń rí àwọ̀ aró dáadáa, wọ́n ń rí àwọ̀ ìyeyè dáadáa, wọ́n sì ń rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọ̀ mìíràn tí wọ́n lè fi sọ́tọ̀ láìsí wàhálà. Ìfiwéra kan ṣoṣo ni ojú wọn kò lágbára láti ṣe, ìyẹn èyí tí ojú fi ń mọ̀ pé pupa kì í ṣe àwọ̀ ewé.

Ní ẹ̀yìn ẹyinjú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí, oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni a fi ń mọ àwọ̀. Ọ̀kan máa ń dáhùn jù lọ sí ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kúrú, ní nǹkan bí 420 nànómítà, níbi tí àwọ̀ aró ti ń ya sí àlùkò. Àwọn méjì yòókù ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Sẹ́ẹ̀lì ìgbì àárín máa ń dáhùn jù lọ ní nǹkan bí 530 nànómítà, sẹ́ẹ̀lì ìgbì gígùn sì máa ń dáhùn jù lọ ní nǹkan bí 560. Ẹ rí i pé nànómítà 30 péré ni ó wà láàárín wọn. Kò sí èyí tí a lè pè ní sẹ́ẹ̀lì pupa tàbí sẹ́ẹ̀lì ewé nínú méjèèjì, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ pupa ń kan àwọn méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé náà sì ń kan àwọn méjèèjì. Ọpọlọ ni ó ń fi ìdáhùn ọ̀kan wé ti èkejì. Bí ìdáhùn ìgbì gígùn bá fi púpọ̀ ju ti ìgbì àárín lọ, pupa ni a rí. Bí ti ìgbì àárín bá lágbára ju bó ṣe yẹ lọ, àwọ̀ ewé ni a rí.

Lára àwọn ènìyàn kan, ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì méjèèjì yìí kò sí rárá. Lára àwọn tó pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì náà wà, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń dáhùn jù lọ ti sún mọ́ ti èkejì tó bẹ́ẹ̀ tí ìfiwéra kò fi mú ìyàtọ̀ tó nípọn jáde. Ìgbà tí ẹlẹ́rìí méjì bá dúró sí ojú kan náà, tí wọ́n sì rí ohun kan náà, adájọ́ kò lè rí nǹkan kan yọ nínú fífi ẹ̀rí ọ̀kan wé ti èkejì. Orí kromosómù X ni jíìnì àwọn sẹ́ẹ̀lì méjèèjì wà, ẹyọ kan ṣoṣo ni ọkùnrin sì ní, èyí tó ti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ wá, nítorí náà bí tirẹ̀ bá ní àbùkù, kò sí òmíràn tí yóò dí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú àwọn tí ìran wọn ti àríwá Yúróòpù wá, nǹkan bí ọkùnrin 8 nínú 100 ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, tí ti obìnrin kò sì ju nǹkan bí 1 nínú 200 lọ. Láàárín àwa ènìyàn Áfíríkà, iye náà kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n kò kéré débi tí ẹni tó ń ya ṣáàtì fún gbogbo ènìyàn yóò fi gbójú fò ó.

Oríṣi méjì ni àìlèfi pupa àti àwọ̀ ewé sọ́tọ̀ yìí, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ya ṣáàtì. Ẹni tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ìgbì gígùn ni kò ní, tàbí tí tirẹ̀ yí padà, kò kàn rí pupa bí àwọ̀ mìíràn lásán; pupa máa ń ṣókùnkùn lójú rẹ̀. Bí ẹ bá fi pupa kọ ọ̀rọ̀ sórí dúdú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó lè má mọ̀ rárá pé ẹ kọ nǹkan síbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ti ìgbì àárín ni ó ní àbùkù, èyí tó wọ́pọ̀ jù, máa ń rí pupa pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bí àwa yòókù ṣe ń rí i, ṣùgbọ́n àtòun àti àwọ̀ ewé máa ń bọ́ sínú ìdílé kan náà lójú rẹ̀, láàárín ìyeyè tó ṣú àti àwọ̀ ilẹ̀.

John Dalton, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Ìlú Ọba, ni ó kọ́kọ́ kọ àlàyé tó kún nípa ojú ara rẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ tó kà fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Manchester ní 1794. Ó sọ pé ewé igi lọ́rẹ́ẹ̀lì àti ìda pupa tí wọ́n fi ń lẹ lẹ́tà pa bá ara wọn mu lójú òun. Ó rò pé omi inú ẹyinjú òun ni ó ní àwọ̀ aró tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ pupa, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ ojú òun wò lẹ́yìn ikú. Nígbà tó kú ní 1844, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé omi náà mọ́ gaara. Wọ́n tọ́jú ojú náà pamọ́, àwọn onímọ̀ jíìnì sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1995, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì ìgbì àárín ni kò ní. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ìtàn yìí ni ewé àti ìda yẹn. Ewé tútù àti ìda pupa jọ ara wọn lójú ọkùnrin tó gbọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí bí ẹ ṣe lè fi wíwò dáadáa tàbí fífọkàn sí i wo ọ̀gá yín sàn.

Ó yẹ kí n dá sí ọ̀rọ̀ orúkọ àwọ̀ díẹ̀ níbí, nítorí pé ó máa ń da àwa Yorùbá láàmú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní èdè wa, "pupa" gbòòrò: epo jẹ́ pupa, iyẹ̀pẹ̀ jẹ́ pupa, ènìyàn tí ara rẹ̀ mọ́ jẹ́ pupa, àwọn àgbà kan sì máa ń pe ohun tó pọ́n bí ọsàn ní pupa. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú. Ìyá àgbà tó pe epo àti ọsàn ní pupa yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ kíákíá bí ẹ bá tẹ́ wọn síwájú rẹ̀. Ní ìdà kejì, ẹni tí kò lè fi pupa àti àwọ̀ ewé sọ́tọ̀ yóò pe ewé ní àwọ̀ ewé, yóò sì pe tòmátò tó pọ́n ní pupa, nítorí pé ó ti kọ́ ọ láti kékeré pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bíbi ènìyàn léèrè pé "àwọ̀ wo nìyí?" kì í fi nǹkan kan hàn. Ọ̀pọ̀ máa ń dàgbà, wọ́n á gba iṣẹ́, wọ́n á di ọ̀gá, kí wọ́n tó mọ̀. Ìwé tí dókítà ojú fi ń yẹ ènìyàn wò, èyí tí Shinobu Ishihara ará Japan kọ́kọ́ gbé jáde ní 1917, gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó fi nọ́ńbà pamọ́ sáàárín àmì róbótó tó mọ́lẹ̀ tó sì ṣókùnkùn lóríṣiríṣi, kí àwọ̀ nìkan má bàa ní alátìlẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ alátìlẹ́yìn yìí ni kọ́kọ́rọ́ sí bí ọ̀gá yín ṣe ń ka ṣáàtì. Ojú tí kò rí pupa àti àwọ̀ ewé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń wá ohun mìíràn gbára lé, ó sì máa ń ṣe é kíákíá débi pé ẹni náà fúnra rẹ̀ kì í mọ̀ pé òun ń ṣe é. Àkọ́kọ́ ni ipò. Ní iná ojú pópó, pupa wà lókè, àwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀, awakọ̀ á sì wo ibi tí iná ti tàn. Àwọn tó ń ṣe iná náà tún máa ń mú kí àwọ̀ ewé rẹ̀ súnmọ́ àwọ̀ aró díẹ̀ kó má bàa jọ pupa. Nínú ṣáàtì, bí orúkọ tó wà nínú àlàyé àwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá tò bí ìlà ṣe tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀gá yín lè fi ètò náà mọ̀ ọ́n. Èkejì ni bí àwọ̀ kan ṣe mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ. Ẹ̀kẹta, èyí tí àwọn ayàwòrán kì í rántí, ni ìmọ̀ tí olùkàwé ti ní nípa ohun tí ṣáàtì ń sọ.

Ẹ wo ṣáàtì tiyín gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọmọ máa ń gba Pẹ́ńtà àkọ́kọ́ nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, ẹ̀kejì ní ọ̀sẹ̀ 10, ẹ̀kẹta ní ọ̀sẹ̀ 14. Nítorí pé àwọn ìyá kan kì í padà wá, àwọn tó gba ẹ̀kẹta kì í sábà pọ̀ tó àwọn tó gba àkọ́kọ́. Ọ̀gá yín mọ èyí ju èmi lọ. Ó dá mi lójú pé ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ ni pé wọ́n máa ń gbà pé ìlà òkè ni ti àkọ́kọ́, ìlà ìsàlẹ̀ ni ti ẹ̀kẹta, wọ́n sì máa ń rí i kà lọ́nà tó tọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ìgbà tí ìlà méjèèjì bá kọjá lára ara wọn ni wàhálà dé. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ́n ní oṣù kan, tí àwọn ìyá tó ti bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn sì ya dé ọ̀dọ̀ yín fún ẹ̀kẹta ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta lè ga ju àkọ́kọ́ lọ. Oṣù yẹn gan-an ni ó yẹ kí ọ̀gá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, oṣù yẹn gan-an sì ni ṣáàtì yóò tàn wọ́n jẹ, nítorí pé ìlà tó wà lókè ni wọ́n máa pè ní àkọ́kọ́, gbogbo nǹkan á sì dà bí ẹni pé ó ń lọ déédéé.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo fi pupa àti àwọ̀ ewé ya iye oògùn tó wọlé àti iye tó jáde ní ibi iṣẹ́ kan, ẹni tó ń ka ìròyìn náà sì fi ìdákẹ́jẹ́ kà á ní òdìkejì fún bí oṣù mẹ́rin. Kò sọ fún mi, nítorí pé kò mọ̀ pé ohun kan wà láti sọ. Èmi náà kò béèrè. Inú mi bàjẹ́ gidigidi lọ́jọ́ tí mo mọ̀, láti ọjọ́ náà ni n kò sì ti fi àwọ̀ nìkan gbé ìtumọ̀ kankan nínú ṣáàtì mọ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń mú kí ìlà ṣòro ju àwòrán mìíràn lọ. Bí àwọ̀ bá ṣe gba àyè kékeré lójú tó ni ó ṣe máa ń ṣòro tó láti dá a mọ̀, ti àwọn tí ojú wọn ní àbùkù yìí sì tún burú jù. Ẹni tó lè fi aṣọ pupa àti aṣọ aláwọ̀ ewé tí a tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì sọ́tọ̀ lè má lè fi ìlà tín-ín-rín méjì sọ́tọ̀. Àmì kéékèèké inú àlàyé àwọ̀ tó wà ní igun ṣáàtì sì ni ó kéré jù nínú gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni a ti ń retí pé kí olùkàwé dá àwọ̀ mọ̀.

Ó tó àkókò láti ṣe ìṣirò tí mo ṣèlérí. Nínú Excel, pupa tó wà láàárín àwọn àwọ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀ ní `Standard Colors` ni `#FF0000`, àwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀ sì ni `#00B050`. Láti mọ bí àwọ̀ méjì ṣe yàtọ̀ tó ní ti ìmọ́lẹ̀ nìkan, a máa ń wá ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti 0 fún dúdú dé 1 fún funfun, a ó sì fi wọ́n sínú ìlànà yìí, níbi tí `L1` jẹ́ ti èyí tó mọ́lẹ̀ jù:

```
(L1 + 0.05) / (L2 + 0.05)
```

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn jẹ́ 0.213, ti àwọ̀ ewé náà jẹ́ 0.316, èsì ìṣirò sì jẹ́ nǹkan bí 1.39. Àwọ̀ méjì tó bá ara wọn mu pátápátá nínú ìmọ́lẹ̀ yóò mú 1 jáde, dúdú àti funfun yóò sì mú 21 jáde, nítorí náà ẹ rí i pé 1.39 kò ju ẹsẹ̀ kan lọ sí àìsí ìyàtọ̀. Nígbà tí ẹ wá mú kí wọ́n ki, ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹ dé `#C00000` àti `#008000`, tí wọ́n jẹ́ pupa àti àwọ̀ ewé tó ṣú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yàn. Ìyàtọ̀ náà wálẹ̀ sí nǹkan bí 1.26. Ìlà méjèèjì wá hàn kedere lórí bébà funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n túbọ̀ jọ ara wọn. Alátìlẹ́yìn díẹ̀ tí ojú ọ̀gá yín ní tẹ́lẹ̀ ni ẹ gbà kúrò lọ́wọ́ wọn láìmọ̀.

Ìṣirò yìí ní ààlà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ojú tó péye ni wọ́n fi ṣe é. Fún ẹni tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ìgbì gígùn ni kò ní, pupa ṣókùnkùn ju bí nọ́ńbà náà ṣe sọ lọ, nítorí náà ó lè rí ìyàtọ̀ díẹ̀ níbi tí ẹni tí kò ní ti ìgbì àárín kò ti rí nǹkan kan. Bí ọ̀gá yín ṣe sọ pé bákan náà ni méjèèjì rí, ó jọ pé ti ìgbì àárín ni tiwọn, ṣùgbọ́n dókítà ojú nìkan ni ó lè fìdí èyí múlẹ̀.

Àtúnṣe tó ṣe pàtàkì jù kò sì tilẹ̀ jẹ mọ́ àwọ̀. Ẹ yọ àlàyé àwọ̀ tó wà ní igun kúrò, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan sí ìparí ìlà náà gan-an. Nínú Excel, ẹ tẹ ìlà lẹ́ẹ̀kan kí gbogbo rẹ̀ lè di yíyàn, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún tẹ ojú àmì tó kẹ́yìn kí òun nìkan lè di yíyàn, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan `Add Data Label`. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ `Format Data Label`, ẹ yan `Series Name`, kí ẹ sì yọ `Value` kúrò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìlà kejì. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tó nílò àwọ̀ láti mọ èwo ni Pẹ́ńtà àkọ́kọ́. Àwa tí ojú wa péye pàápàá yóò jàǹfààní rẹ̀, nítorí pé ojú wa kò ní máa sáré láti igun ṣáàtì wá sórí ìlà mọ́.

Àmọ́ orúkọ tó wà ní ìparí nìkan kò tó níbi tí ìlà méjèèjì bá ti kọjá lára ara wọn ní àárín ọdún. Ẹni tó ń fi ojú tẹ̀ lé ìlà kan dé ibi ìpàdé nílò ohun tó máa jẹ́ kó mọ èyí tó yẹ kó máa bá lọ. Níbí, ìrísí ìlà ni kí ẹ yí padà. Ẹ fi Pẹ́ńtà àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ìlà gbọọrọ tí kò já, kí ẹ sì mú ti ẹ̀kẹta lọ sí `Format Data Series`, lábẹ́ `Dash type`, kí ẹ yan èyí tí gígékù rẹ̀ gùn díẹ̀. Ìlà tí a fi àmì tóótòòtó nìkan ṣe kì í dára tó, nítorí pé bí ìròyìn bá kọjá nínú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì lẹ́ẹ̀mejì, àwọn àmì náà á wọ inú ara wọn. Ẹ mú kí ìlà nípọn dé 2.25 tàbí 3 `pt`, kí àwọ̀ lè ní àyè tó lójú.

Ìgbà yìí ni a tó lè wá sọ̀rọ̀ àwọ̀. Nítorí pé ìfiwéra tó já lójú ọ̀gá yín ni ti ìgbì gígùn àti ìgbì àárín, ẹ lọ sí ìfiwéra kejì, èyí tó ṣì péye, tó ń fi sẹ́ẹ̀lì ìgbì kúkúrú wé àwọn méjì yòókù. Ìfiwéra yìí ni a fi ń mọ àwọ̀ aró yàtọ̀ sí àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ọsàn. Masataka Okabe àti Kei Ito, àwọn onímọ̀ méjì láti Japan, ti ṣa àwọ̀ mẹ́jọ jọ fún iṣẹ́ yìí gan-an, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ya ṣáàtì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó sì ń lò wọ́n. Méjì nínú wọn ni mo máa yàn fún yín: àwọ̀ aró `#0072B2` fún Pẹ́ńtà àkọ́kọ́, àti pupa tó ya sí ọsàn, `#D55E00`, fún ẹ̀kẹta. Ẹ wọ `More Colors`, lẹ́yìn náà `Custom`, kí ẹ tẹ nọ́ńbà náà sínú `Hex`. Lójú ọ̀gá yín, ọ̀kan yóò dúró bí àwọ̀ aró, èkejì yóò dà bí ìyeyè tó ṣú, wọn kò sì ní ṣì wọ́n mú fún ara wọn.

Mo yan pupa tó ya sí ọsàn yìí dípò àwọ̀ ọsàn gidi inú àkójọ wọn, `#E69F00`, fún ìdí kan. Ìlànà WCAG 2.1, tí àjọ W3C gbé jáde ní 2018 kí gbogbo ènìyàn lè rí ohun orí íńtánẹ́ẹ̀tì kà, béèrè pé kí apá àwòrán tí a nílò láti fi mọ ìtumọ̀ ní ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí kò dín ní 3 sí àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí bébà funfun, àwọ̀ ọsàn yẹn kò ju nǹkan bí 2.25 lọ, ìlà rẹ̀ á sì máa rẹ̀. `#D55E00` dé 3.87, `#0072B2` sì dé 5.19. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú àwọ̀ méjèèjì tí mo yàn ni pé ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín àwọn fúnra wọn kò ju 1.34 lọ. Bí ẹnìkan bá ṣe fọ́tòkọ́pì ìròyìn yín ní dúdú àti funfun, wọ́n á di eérú kan náà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀: orúkọ ìparí ìlà àti gígékù ìlà yóò là á já nínú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, àwọ̀ kò ní là á já.

Mo mọ̀ pé ṣáàtì ìlà kọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú ìròyìn ilé ìwòsàn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ní tábìlì tí wọ́n fi pupa, ìyeyè àti àwọ̀ ewé kun gẹ́gẹ́ bí iná ojú pópó, tí ilé iṣẹ́ tó wà lókè yín sì ti pàṣẹ pé àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ lò. Ẹ má bá wọn jà lórí ìyẹn. Ẹ kàn kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, "ó lọ sílẹ̀", "ẹ ṣọ́ ọ", "ó dára", tàbí kí ẹ fi ▼, ● àti ▲ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí pupa ṣú dáadáa kí àwọ̀ ewé sì mọ́lẹ̀ gan-an, pẹ̀lú àwọ̀ aró díẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú tábìlì, àwọ̀ kún inú àpótí, kò sí ní ìlà tín-ín-rín, nítorí náà ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ dáadáa fún wọn níbẹ̀. Kí ẹ ṣọ́ra kí ìyeyè má bàa mọ́lẹ̀ tó àwọ̀ ewé yẹn, nítorí pé àwọn méjì náà tún máa ń súnmọ́ ara wọn lójú wọn.

Láti yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ fi ṣáàtì pamọ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán, kí ẹ sì fà á sínú Chrome. Ẹ tẹ `F12`, lẹ́yìn náà `Ctrl+Shift+P`, ẹ kọ `Show Rendering`, kí ẹ wá `Emulate vision deficiencies` nísàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yan `Deuteranopia`, tó jẹ́ ti àìní sẹ́ẹ̀lì ìgbì àárín, lẹ́yìn náà `Protanopia`, tó jẹ́ ti ìgbì gígùn, kí ẹ sì fi `Achromatopsia` parí rẹ̀ láti mọ ohun tí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì máa ṣe sí i. Bí ẹ bá lè ka ṣáàtì náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ náà ń fi hàn ni ti ẹni tí sẹ́ẹ̀lì náà kò sí lára rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn tí sẹ́ẹ̀lì wọn kàn yí padà ni ó pọ̀ jù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rí ìyàtọ̀ náà bí ó bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́, kó má sì rí i bí wọ́n bá gbé ṣáàtì kọjá kíákíá nínú ìpàdé.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn. Ẹ tẹ ṣáàtì tuntun náà sórí bébà, kí ẹ gbé e fún wọn láìṣàlàyé. Ẹ má ṣe bi wọ́n bóyá wọ́n rí àwọ̀ náà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa sọ láti má bàa mú yín rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ bi wọ́n pé oṣù wo ni àwọn tó gba Pẹ́ńtà ẹ̀kẹta pọ̀ ju àwọn tó gba àkọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá fi ìka lé oṣù náà lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ náà ti parí. Bí wọ́n bá ń wo igun bébà, tí wọ́n ń wá àlàyé àwọ̀ tí ẹ ti yọ kúrò, ẹ padà lọ mú kí orúkọ ìparí ìlà tóbi sí i, kí ẹ sì mú un súnmọ́ ìlà rẹ̀.